Fótò tó hàn kedere lórí fóònù, tó wá rí bàìbàì nínú férémù: píksẹ́lì mélòó ló yẹ kó ní?

Ọmọ Ẹlẹ́kọ

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ yìí. Mo ní kí wọ́n tẹ fótò ìyá mi sí férémù íǹṣì 20 sí 30 fún àádọ́rin ọdún wọn. Lórí fóònù, mo ń rí ọnà ara léèsì wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú férémù, ojú wọn rí bàìbàì bí ẹni tó dúró lẹ́yìn fèrèsé tí òjò ń rọ̀ sí. Ṣé láàbù ló bà á jẹ́, àbí fótò yẹn gan-an ni kò dára? Báwo ló ṣe yẹ kí fótò tóbi tó kí ènìyàn tó gbé e lọ tẹ̀?

---

Bàbá Ìbejì

Láàbù ni. Mo ti rí irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun tí ojú rẹ rí lórí fóònù kò lè parọ́: bí fótò bá dára níbẹ̀, ó dára náà nìyẹn, iṣẹ́ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ni kó gbé e jáde bó ṣe rí. Àwọn kan a máa fi yíǹkì ayédèrú sẹ́nu ẹ̀rọ, àwọn mìíràn kì í fọ ẹnu ẹ̀rọ náà rárá. Ohun kejì ni pé o kò sọ fún wọn pé 300 dpi, ìyẹn àmì 300 nínú íǹṣì kan, lo fẹ́. Fótò orí fóònù sábà máa ń jẹ́ 72, bí wọ́n bá sì tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, yóò fọ́ dandan. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló máa ń bá mi ṣí i nínú Photoshop. Yóò pa 72 rẹ́, yóò kọ 300 sí i, ọ̀rọ̀ sì ti parí.

---

Atẹ̀wé Ṣómólú

Bàbá Ìbejì, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni n ó fi tako yín. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti wà nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, mi ò sì ní dá láàbù yẹn láre, mi ò ní dá a lẹ́bi, títí n ó fi mọ iye píksẹ́lì tó wà nínú fótò náà. Bí a bá fẹ fótò èyíkéyìí lójú títí lórí kọ̀ǹpútà, a ó dé ibi tí ojú ènìyàn yóò ti di onígun mẹ́rin kéékèèké tí a tò jọ bí táìsì ilé ìwẹ̀. Ẹyọ táìsì kọ̀ọ̀kan ni píksẹ́lì, iye wọn sì ti pé láti ìgbà tí wọ́n ti ya fótò náà tí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀. Bí ògiri tí a fẹ́ tò wọ́n sí bá kéré, táìsì yóò wẹ́, ojú kò ní rí oríkèé rẹ̀. Bí ògiri bá tóbi, táìsì kò ní pọ̀ sí i. Ńṣe ni ẹyọ kọ̀ọ̀kan yóò máa tóbi.

Ọmọ Ẹlẹ́kọ, ṣí fótò náà nínú gálárì fóònù rẹ, kí o tẹ ibi tí wọ́n kọ `Details` sí. Wàá rí nọ́ńbà méjì tí àmì ìsọdipúpọ̀ wà láàrin wọn. Kọ wọ́n síbí fún wa, kí o sì sọ ọ̀nà tí fótò náà gbà dé ọwọ́ rẹ.

---

Ọmọ Ẹlẹ́kọ

Ẹ ṣeun, sà. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni `1200 × 1600`, `214 KB`. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ló yà á nígbà tó wálé fún ọdún Àjíǹde, WhatsApp ló sì fi fi ránṣẹ́ sí mi. Mẹ́gàpíksẹ́lì 50 ni wọ́n kọ sára fóònù rẹ̀, nítorí náà mi ò rò pé fóònù ni ìṣòro.

Ohun kan tún wà tó ń rú mi lójú. Fótò kan náà yìí la fi ṣe bánà ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sí mẹ́rin tí a so mọ́ ẹnu géètì, kò sì sí àbùkù kankan lára rẹ̀. Báwo ni èyí tó tóbi jù ṣe wá dára ju èyí tó kéré lọ?

---

Atẹ̀wé Ṣómólú

Nọ́ńbà yẹn ti tú àṣírí. Bí ènìyàn bá fi fótò ránṣẹ́ lórí WhatsApp ní ọ̀nà tí gbogbo wa ń gbà ṣe é, yóò dín in kù kó tó gbé e lọ, ẹ̀gbẹ́ tó gùn jù kì í sì í ju nǹkan bí 1600 lọ mọ́. Kì í ṣe pé ó ṣẹ̀ wá. Dátà ló ń ṣọ́ fún wa. Ṣùgbọ́n fótò tó dé ọwọ́ rẹ kì í ṣe èyí tí ẹ̀gbọ́n rẹ yà, àdàkọ rẹ̀ tó ti fọn ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pa pọ̀. Gíga férémù rẹ jẹ́ íǹṣì 30, píksẹ́lì 1600 la sì ní láti tò sórí gíga yẹn. Bí a bá pín 1600 sí ọ̀nà 30, yóò ku díẹ̀ kó tó 54. Ìyẹn ni pé píksẹ́lì 53 péré ló bọ́ sínú íǹṣì kọ̀ọ̀kan. Wá wo fóònù. Ojú rẹ̀ fẹ̀ tó bí íǹṣì 2.7, lórí fífẹ̀ yẹn sì rèé, píksẹ́lì 1080 ló wà nínú ọ̀pọ̀ fóònù òde òní, tí í ṣe 400 nínú íǹṣì kan. Fótò kan náà ni, ṣùgbọ́n ó ki lórí fóònù ní ìlọ́po méje àti ààbọ̀ ju bó ṣe ki nínú férémù lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí Bàbá Ìbejì wò dáadáa rèé. Ká ní fótò tó ní 3000 × 4000 ló dé ọwọ́ rẹ, ohun kan náà ni ò bá rí nígbà tó bá bo ojú fóònù, nítorí pé fóònù kò ní ju 1080 yẹn lọ tó fi lè ṣàfihàn rẹ̀. Èyí tó fọn àti èyí tó sanra dọ́gba lójú rẹ̀. Ìdí nìyí tí mi ò fi gba fóònù ní ẹlẹ́rìí bí oníbàárà bá ní òun ti wò ó, ó dára.

---

Ìyá Kíkẹ́

Èmi náà wà nínú ìṣòro yìí o. Fótò ìgbéyàwó ọmọ mi dán gbinrin lórí fóònù, àfi bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ tó wá dúdú, tí aṣọ òfì aláwọ̀ wáìnì di bí ẹni pé èédú ni. Píksẹ́lì náà ló fà á, àbí? Mo ti ń bá onífótò jà láti oṣù kẹta.

---

Atẹ̀wé Ṣómólú

Rárá, Ìyá Kíkẹ́, ìyẹn ò kan píksẹ́lì. Tiyín jẹ́ ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀. Fóònù ń tan iná láti inú ara rẹ̀, ìwé kò ní iná kankan àfi èyí tó bá tàn sí i. Kí ẹ tó fọwọ́ sí fótò tí ẹ fẹ́ tẹ̀, ẹ bu ìmọ́lẹ̀ fóònù kù dé ìdajì, kí ẹ sì tún un wò. Bí aṣọ òfì bá ti ṣókùnkùn níbẹ̀, yóò ṣókùnkùn lórí ìwé. Ẹ yé bá onífótò yẹn jà kí ẹ tó yẹ èyí wò. Bí ọnà ara òfì bá ṣì hàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láìka dúdú rẹ̀ sí, fótò náà kò fọ́.

---

Bàbá Ìbejì

Mo gbọ́ ti 1600, ṣùgbọ́n ẹ ò tíì dá mi lóhùn lórí 300. Mo sì ní ìbéèrè kejì. Ẹni tó ń tẹ bánà ní àdúgbò wa fi ẹ̀rọ rẹ̀ hàn mí, ó ní 1440 dpi ló ń tẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá nílò 1440 nínú íǹṣì kan, tí fótò tí ẹ ní kò ju 53 lọ nínú íǹṣì kan sì lè jáde láìní àbùkù lórí bánà, a jẹ́ pé ọ̀kan nínú ẹ̀yin méjèèjì ń tan ènìyàn jẹ.

---

Atẹ̀wé Ṣómólú

Ìbéèrè tó dára ni, àwọn tó wà nínú iṣẹ́ gan-an ń ṣì í mú. Òótọ́ ni ẹni yẹn sọ, ṣùgbọ́n ẹ̀kán yíǹkì ló ń kà, kì í ṣe píksẹ́lì fótò. Ẹ̀rọ bánà kò ní ẹgbẹ̀rún àwọ̀ nínú. Yíǹkì mẹ́rin ló sábà máa ń ní. Kó tó lè gbé àwọ̀ ara ìyá Ọmọ Ẹlẹ́kọ jáde, ó ní láti fọ́n ẹ̀kán pupa, yẹ́lò, búlúù àti dúdú púpọ̀ sójú kan náà, kí ojú wa lè dà wọ́n pọ̀. Ẹ̀kán tó pọ̀ ni yóò para pọ̀ kun píksẹ́lì kan ṣoṣo. 1440 jẹ́ bí wíwẹ́ yangí tí mésàn fi ń po kọnkéré. Kò sọ iye búlọ́ọ̀kù tó wà nínú ilé.

Lórí 300 tí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín ń kọ, ẹ dán èyí wò lójú ara yín. Kó ṣí fótò 1200 × 1600 nínú Photoshop, kó lọ sí `Image Size`, kó yọ àmì tó wà níwájú `Resample` kúrò, kó wá pa 72 rẹ́ kó kọ 300. Ẹ ó rí i pé píksẹ́lì kò yí padà rárá. Ohun tó yí padà ni gíga tí fótò náà ń pe ara rẹ̀: ní 72, yóò ní òun ga tó íǹṣì 22, ní 300, yóò ní òun ò ju íǹṣì 5 àti díẹ̀ lọ. Nọ́ńbà yẹn kàn jẹ́ ìwé àṣẹ tí a lẹ̀ mọ́ ọn lára. Bí a bá tún ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí íǹṣì 30, a ti padà sí 53.

Bí ó bá fi àmì `Resample` sílẹ̀ ńkọ́? Píksẹ́lì yóò pọ̀ lóòótọ́, nítorí kọ̀ǹpútà yóò wo píksẹ́lì méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, yóò sì ṣe àfẹnusọ ohun tó yẹ kó wà láàrin wọn. Ó ń bu omi sí ọbẹ̀ ni. Ìkòkò kún, ẹran inú rẹ̀ kò lé. Igun táìsì yóò rọ̀, kò ní gún ojú mọ́, ìyẹn sì dára ju kí a rí àpótí lójú ènìyàn, ṣùgbọ́n irun ojú tí kò sí nínú fótò kò ní torí ẹ̀ hù.

---

Atẹ̀wé Ṣómólú

Mo padà dé, torí mi ò tíì sọ̀rọ̀ bánà.

Níbi tí a dúró sí ni gbogbo rẹ̀ wà. Ojú tó dá ṣáká kò lè ya àmì méjì tó sún mọ́ra kọjá ìwọ̀n kan sọ́tọ̀, bí a bá sì ṣe ń jìnnà sí i ni ìwọ̀n yẹn ń fẹ̀. Ìṣirò tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù mi nìyí, íǹṣì ni a fi ń ka ibi tí a dúró sí:

```
píksẹ́lì nínú íǹṣì = 3438 ÷ ibi tí a dúró sí
```

Ẹni tó dúró ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí férémù wà ní íǹṣì 36, nítorí náà ó nílò nǹkan bí 95 nínú íǹṣì kan. Ẹni tó ń wo bánà láti ojú títì, ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, wà ní íǹṣì 120, kò sì nílò ju 29 lọ. Lórí bánà yín, ìyá ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, ìyẹn íǹṣì 48. Pín 1600 sí ọ̀nà 48, wàá rí 33. Bánà ní ju ohun tí ojú ẹni tó wà ní títì lè gbà. Férémù ní 53, ó sì nílò 95. Èyí tó kéré ló jẹ gbèsè jù, nítorí inú pálọ̀ la gbé e kọ́, níbi tí gbogbo ènìyàn ti ń fẹ́ fi imú kàn án.

Bí o kò bá gbà mí gbọ́, lọ sí ẹnu géètì, kí o sì dúró níwájú bánà bí ẹni fẹ́ kí ìyá. Yóò bàìbàì ju férémù lọ.

---

Ọmọ Ẹlẹ́kọ

Mo ti jáde lọ wò ó. Òótọ́ ni. Láti ẹsẹ̀ bàtà méjì, gèlè wọn kò ní ìṣẹ́po mọ́, ó kàn dàbí búrẹ́dì. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo ti ń kọjá níwájú rẹ̀, mi ò rí i.

---

Kámẹ́rà Abẹ́òkúta

Ẹ̀gbọ́n Ṣómólú, mo gba ìṣirò yín, ṣùgbọ́n mi ò gba ibi tí ẹ gbé e dé. Iṣẹ́ fótò ni mò ń jẹ, mi ò sì tíì rí oníbàárà tó gba férémù tó dúró sí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Ńṣe ni wọ́n ń gbé e sún mọ́ ojú, tí wọ́n ń wá ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn wọn, tí wọ́n ń ka okùn léèsì. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi pé ohunkóhun tí a bá fẹ́ gbé kọ́ inú pálọ̀ gbọ́dọ̀ ní 200 nínú íǹṣì kan, èyí tí yóò wọ inú álíbọ́ọ̀mù tí a ń gbé lé itan gbọ́dọ̀ ní 300. Ẹni tó bá tẹ 95 fún mi, n ó dá a padà.

---

Atẹ̀wé Ṣómólú

Kámẹ́rà Abẹ́òkúta, o ní kámẹ́rà ńlá lọ́wọ́, ó rọrùn fún ọ láti béèrè 200. Bí férémù bá ga ní íǹṣì 30, ìyẹn jẹ́ píksẹ́lì 6000 ní gíga àti 4000 ní fífẹ̀. Ọ̀pọ̀ fóònù kì í gbé fótò tó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ bí ènìyàn kò bá yí ètò kámẹ́rà rẹ̀ padà. Bí mo bá ní kí gbogbo ènìyàn mú 6000 wá, màá ti ṣọ́ọ̀bù pa. Mo gbà pé 200 sàn ju 100 lọ, mo sì gbà pé léèsì àti ìlẹ̀kẹ̀ wéwé ń fẹ́ ju ohun tí ojú ènìyàn lásán ń fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí 130 sí 150, oníbàárà mi kì í pọ̀ tó ń padà wá, pàápàá bó bá jẹ́ orí kánfásì ni mo tẹ̀ ẹ́ sí, nítorí híhun kánfásì ń bo púpọ̀.

---

Kámẹ́rà Abẹ́òkúta

Kánfásì ni ẹ fi ń sá pamọ́, ẹ̀gbọ́n. Lórí ìwé dídán, 130 ń hàn. A ò ní fẹnu kò lórí èyí.

---

Ará Pẹ́kàmù

Ẹ kú ìjíròrò. Èmi ni ẹ̀gbọ́n ọkùnrin tí wọ́n ń sọ. Mo ti wá fótò náà jáde nínú fóònù mi, `3072 × 4080` ló wà níbẹ̀. Mo ti tún un fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi, mo sì lo `HD` ní ọ̀tẹ̀ yìí. Ìbéèrè mi ni pé mẹ́gàpíksẹ́lì 50 ni mo san owó fún. 3072 lọ́nà 4080 kò ju mílíọ̀nù méjìlá àti ààbọ̀ lọ. Ibo ni ìyókù wà?

---

Atẹ̀wé Ṣómólú

Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n. Wọn ò jí i. Fóònù yẹn ní ojú mílíọ̀nù 50 lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá yí nǹkan kan padà nínú ètò kámẹ́rà, mẹ́rin-mẹ́rin ló ń dà wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan, kí fótò má baà rí wúruwùru níbi tí iná kò bá tó. 50 tí a pín sí ọ̀nà mẹ́rin ló fún yín ní méjìlá àti ààbọ̀. Fún inú gbọ̀ngàn lálẹ́, bẹ́ẹ̀ ló sàn. Ní ìta, nígbà tí oòrùn ń ràn, ẹ lè yí i sí 50 gan-an, ó sì máa ń mú nǹkan púpọ̀ sí i wá.

Lórí `HD`: ó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó ṣì ń fún fótò pọ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí `Document`, ìyẹn kì í fọwọ́ kàn án rárá. Ẹ sì má ṣe ya ojú fóònù pẹ̀lú `Screenshot` kí ẹ fi ìyẹn ránṣẹ́. Ẹnì kan gbé irú rẹ̀ wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, 1080 ni mo bá nínú rẹ̀.

Bí 4080 bá dé láìdín, pín in sí 30: ó di 136. A ti kúrò ní 53 nìyẹn, inú mi sì dùn. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó sanwó, ẹ ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ fẹ̀ ẹ́ dé `100%`, kí ẹ wo ìpéǹpéjú ìyá. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí.

---

Ọmọ Ẹlẹ́kọ

`Document` ti dé, 3072 × 4080 ló jẹ́ lóòótọ́, `3.9 MB`. Mo fẹ̀ ẹ́ dé `100%` ní káfẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Ṣómólú, kò dára. Ìpéǹpéjú wọn kò ní irun. Ó dàbí ẹni fi ìka tútù pa yíǹkì rẹ́. Awọ ojú wọn rí bí ṣẹ́lẹ́rú oyin, ó ń yọ̀. Píksẹ́lì pọ̀, ṣùgbọ́n ojú wọn ṣì rí bàìbàì.

---

Ará Pẹ́kàmù

Ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ni mo jókòó sí nígbà náà, ọ̀pọ̀ èrò ló wà níwájú mi. Mo fi ìka méjì fà á sún mọ́ mi, ó kọ `3x`. Ṣé ìyẹn ló dé?

---

Atẹ̀wé Ṣómólú

Ìyẹn ló dé, ẹ̀gbọ́n. Bí fóònù kò bá ní lẹ́ńsì ọ̀tọ̀ fún ohun tó jìnnà, kò sún mọ́ ìyá rárá. Ńṣe ló gé àárín fótò jáde, ìdá kan nínú mẹ́sàn-án, ó jù mẹ́jọ nù, ó sì na èyí tó kù títí ó fi tún di 3072 × 4080. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ní tòótọ́ kò ju nǹkan bí 1024 × 1360 lọ. Ẹ wò ó o: ó kéré ju 1600 tí a ti ń bú láti àárọ̀ lọ! WhatsApp tí mo dá lẹ́bi, omi ló tún bu kúrò nínú ọbẹ̀ tó ti ṣàn tẹ́lẹ̀. Èmi náà yára jù, ó yẹ kí n ti béèrè.

Awọ tó ń yọ̀ bí oyin, iṣẹ́ fóònù nìyẹn. Níbi tí iná kò tó, fótò máa ń ní wúruwùru bí iyanrìn, fóònù a sì fọ̀ ọ́ nù. Kò mọ ìyàtọ̀ láàrin iyanrìn àti irun, gbogbo rẹ̀ ló ń gbá. Kò sí nọ́ńbà kankan nínú `Details` tó lè fi èyí hàn. Ojú ni a fi ń rí i, ní `100%`, lórí ìpéǹpéjú. Bí irun bá yapa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ lè gba nọ́ńbà gbọ́. Bí ó bá lẹ̀ pọ̀, ẹ má kà á sí.

Ṣé kò sí òmíràn tí ẹ yà lọ́jọ́ yẹn láìfà á sún mọ́?

---

Ará Pẹ́kàmù

Ó wà. Lówùúrọ̀, níwájú ilé, kí a tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. `1x` ni. Wọ́n wà lórí ìdúró láti orí dé itan, mọ́tò àti àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n a ní láti gé àwọn ìyẹn kúrò.

---

Kámẹ́rà Abẹ́òkúta

Ẹ bá mi fi ránṣẹ́, n ó gé e lọ́fẹ̀ẹ́.

Mo ti gé e láti orí dé ìbàdí. Píksẹ́lì 2200 × 3300 ló ṣẹ́kù. Ìpéǹpéjú ya ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ojú wọn wà ní ìmọ́lẹ̀ àárọ̀. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ní íǹṣì 30, ó di 110, èyí tí Ẹ̀gbọ́n Ṣómólú yóò fọwọ́ sí, tí èmi ò sì ní fọwọ́ sí. Bí ẹ bá fẹ́ 200 tèmi, kò gbọdọ̀ ga ju íǹṣì 16 àti ààbọ̀ lọ. Èmi á ní kí ẹ tẹ̀ ẹ́ ní íǹṣì 16 sí 24, kí ẹ gbé e sáàrin férémù 20 sí 30 tí ẹ ti rà, kí páálí funfun yí i ká. Yóò jẹ́ 137 nínú íǹṣì kan.

---

Atẹ̀wé Ṣómólú

Mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ má gbà wá gbọ́ lásán. Kí ó tó tẹ ńlá, Ọmọ Ẹlẹ́kọ, ṣe èyí: gé ibi ojú ìyá nìkan, píksẹ́lì 440 lọ́nà 660, kí o sì ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí káàdì 4 sí 6 tí gbogbo láàbù ń tẹ̀ ní owó kékeré. 110 náà ló wà lórí káàdì yẹn, nítorí náà bí ojú ìyá yóò ṣe rí gan-an ní íǹṣì 30 nìyẹn. Tún gé òmíràn, 548 lọ́nà 822, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí irú káàdì kan náà. Ìyẹn ni bí yóò ṣe rí ní íǹṣì 24. Lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri pálọ̀, jókòó síbi tí àlejò ń jókòó sí, kí o wá yan èyí tó wù ọ́.

---

Adéwọlé Ọ̀yọ́

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí n da ọ̀rọ̀ yín rú. Bàbá wa kú, pásípọ́ọ̀tù kékeré kan ṣoṣo ló kù fún wa, èyí tí wọ́n fi sínú fọ́ọ̀mù. Wọ́n fi fóònù yà á, ó di 3000 × 4000. Ṣé a lè tẹ̀ ẹ́ ní íǹṣì 30 fún ìsìnkú?

---

Atẹ̀wé Ṣómólú

Ẹ kú ọ̀fọ̀, kí Ọlọ́run tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Fóònù lè ka píksẹ́lì 4000 lára ìwé tó jẹ́ mìlímítà 35 sí 45, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú rẹ̀ yóò jẹ́ híhun ìwé fúnra rẹ̀ àti dídán iná, kì í ṣe ojú bàbá. Ẹ gbé e sínú ẹ̀rọ sikánà ní `1200 dpi`. Yóò fún yín ní nǹkan bí 1650 × 2125. Ní 150, ìyẹn tó íǹṣì 14 ní gíga, mi ò sì ní gbà yín nímọ̀ràn kí ẹ kọjá ibẹ̀ fún èyí tí yóò wà lórí tábìlì níwájú ènìyàn. Fún bánà ẹnu géètì, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin láìfòyà.

---

Bàbá Ìbejì

Mo gbà nípa 300. Mo pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, mo ní kó yọ àmì `Resample`, iye píksẹ́lì kò sì yí padà lóòótọ́. Ọdún méjì ló ti ń gba owó lọ́wọ́ mi fún un.

Ṣùgbọ́n mi ò ní dá láàbù yẹn sílẹ̀. Ẹni tó ń tẹ fótò lójoojúmọ́ rí 1200 × 1600, ó mọ̀ pé yóò fọ́ ní íǹṣì 30, ó sì gba owó láìsọ nǹkan kan. Ó yẹ kó dá owó ọmọ yìí padà.

---

Atẹ̀wé Ṣómólú

Ó yẹ kó sọ fún un, mo gbà. Ní ṣọ́ọ̀bù mi, a máa ń kọ iye píksẹ́lì sórí rìsíìtì kí oníbàárà tó sanwó, nítorí pé a ti jà lórí èyí rí. Ṣùgbọ́n ìwé àti yíǹkì ti lọ, ẹ̀rọ rẹ̀ kò sì ṣẹ̀ sí ohun tí wọ́n gbé fún un. Ìdajì owó ni èmi á béèrè, bó bá jẹ́ èmi ni.

---

Ọmọ Ẹlẹ́kọ

Wọn ò dá kọ́bọ̀ padà. Mo ti tẹ káàdì méjèèjì, mo sì lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri bí ẹ ṣe wí. Láti orí àga, mi ò rí ìyàtọ̀. Nígbà tí mo dìde sún mọ́ ọn, ti íǹṣì 24 ló dára jù, ìyẹn ni mo sì tẹ̀. Okùn léèsì hàn.

Ìyá mi ní kí n má ju ti àkọ́kọ́ nù. Wọ́n ti ní kí n gbé e kọ́ sí ògiri yàrá wọn, ní òdìkejì bẹ́ẹ̀dì. Mo wọn ibẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ ni. Mo fi 3438 ṣírò rẹ̀, ó ní 36 ló nílò, 53 ló sì ní. Wọ́n ní òun ti mọ̀ pé ó dára láti ọjọ́ àkọ́kọ́, pé èmi ni mò ń sún mọ́ ọn jù, àti pé èyí tuntun fi gbogbo ìwúnjọ ojú òun hàn.